Òórùn Òbúkọ Nínú Ìgò Mi

Ìgbà ọyẹ́ ni, ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣakí, níbi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ọmọ Ogbooro ni mí. Iṣu àti ọkà bàbà ni bàbá mi ń gbìn, ìyá mi sì ń ṣe òrí àti ọṣẹ dúdú. Kò sí ẹni tó kọ́ kẹ́mísírì rí nílé wa, ṣùgbọ́n àwọn òbí mi kò fìgbà kan béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé ṣé mo ti jẹun.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá wa, obìnrin ará Òkèhò kan tó rọra máa ń sọ̀rọ̀, pín wa ní méjì-méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló pín mọ́ mi. Òun ni mo ń pè ní ọ̀rẹ́ mi títí dòní, ṣùgbọ́n nígbà náà, a ò tíì ju ẹni tí ń kí ara wọn lọ. Olùkọ́ wa gbé ìgò mẹ́ta sórí tábìlì níwájú wa. Málónéètì wà nínú ọ̀kan, àsítóàsítéètì wà nínú èkejì. Ẹ́sítà, ohun tí ásíìdì àti ọtí jọ ń bí, ni àwọn méjèèjì, omi wọn mọ́ bí omi òjò, bébà ara ìgò wọn sì ti ṣá débi pé ó di dandan kí ènìyàn gbé e sún mọ́ fèrèsé kó tó lè kà á. Bútáìlì bírómáìdì ló wà nínú ìgò kẹta: okùn kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, ìyẹn bútáìlì, tí bírómáìdì so mọ́ nídìí.

Ó ní, “Ìgò kẹta yìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa lò ó. Kí ọ̀kan mú málónéètì, kí èkejì mú àsítóàsítéètì. Ẹ óò so bútáìlì kan náà mọ́ wọn. Tí ẹ bá parí, ẹ wá sọ fún mi ìdí tí ohun tó jáde fi yàtọ̀ síra wọn.”

Ọ̀rẹ́ mi mú málónéètì, èmi mú èkejì.

Ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa tẹ́lẹ̀ lójú pátákó. Nínú ẹ́sítà méjèèjì, kábọ́ọ̀nù kan wà láàárín gbùngbùn, tí ẹ̀ka kábónílì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó dì mọ́ ọ́síjìn, wà lápá ọ̀tún rẹ̀, tí òmíràn sì wà lápá òsì. Ẹ̀ka méjèèjì ń fà á, nítorí náà háídírójìn tó wà lára rẹ̀ kò dì mọ́ ọn gírígírí mọ́. Bí a bá gbé ohun tó lágbára láti gba háídírójìn wá, yóò já ọ̀kan gbà. Kábọ́ọ̀nù náà á wá dá wà, á máa wá ohun tí yóò dì mú. Bí bútáìlì bírómáìdì bá bọ́ sí àkókò yẹn, á gbá bútáìlì mú, bírómáìdì á sì ṣí kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn máa ń fi pọ́táṣì tàbí sódà já ẹ́sítà náà sí ásíìdì, kó tó gbé e kaná. Iná yìí ni yóò tú ẹ̀ka kan kúrò, tí yóò di afẹ́fẹ́ tí ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Málónéètì á wá di ásíìdì inú ọtí kíkan tí bútáìlì lẹ̀ mọ́ lára, ó sì máa ń ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Ti àsítóàsítéètì á di kítóònù, èyí tí kábónílì rẹ̀ wà láàárín kábọ́ọ̀nù méjì, ó máa ń ní méje, ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ kan sì máa ń jẹ́ mẹ́táìlì, ẹ̀ka oníkábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo.

Mo rántí pé mo na ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Mà, ẹ̀ka ásíìdì méjì ló wà lára málónéètì tí a bá ti já a. Kí ló dé tí ọ̀kan péré fi ń lọ?”

Ó ní, “Ẹ̀ka tó fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ rí ẹni fi háídírójìn rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀ka kejì ló wà nítòsí rẹ̀, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ti lọ, ta ni èyí tó kù yóò fi tirẹ̀ lé lọ́wọ́?”

Mo gbé ìdáhùn yẹn kiri fún ọjọ́ mélòó kan. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ tí mo bá ń fọ aṣọ.

Ọyẹ́ dára fún iṣẹ́ wa, nítorí omi ni ọ̀tá rẹ̀. Sódíọ̀mù ni a kọ́kọ́ gé. Inú kẹrosíìnì ni ó ń gbé, ó rọ̀ bí òrí tó dì, ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gbà yóò kọ mànà, kó tó ṣú láàárín ìṣẹ́jú. A jù ú sínú ọtí líle tí kò ní omi rárá, ó ń hó, ó ń sáré kiri títí ó fi yọ́ tán. Èyí ni ohun tó máa gba háídírójìn. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ á ti bà á jẹ́ kí a tó dé ibì kankan. Ní ìgbà ọyẹ́ ètè ènìyàn á là, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á yọrí.

Mo rọ ẹ́sítà mi sí i. Mo wá ń kán bútáìlì bírómáìdì sí i díẹ̀díẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́jọ́ náà, nítorí náà a gbé garawa omi sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó lè máa ṣàn gba inú kọndẹ́nsà, páìpù dígí tí ń mú oru tutù, a sì ń da omi tó ti gbà á kọjá padà sókè. Nígbà tó yá, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò bí ìyẹ̀fun. Iyọ̀ ni, sódíọ̀mù àti bírómáìdì tí wọ́n ti rí ara wọn. Mo mọ̀ nígbà náà pé bútáìlì ti wọlé. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀rẹ́ mi wá wò ó, tirẹ̀ náà sì ti ń funfun.

Ó kù kí a já ẹ́sítà. Ọ̀rẹ́ mi ti po pọ́táṣì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó le, ó nípọn, inú ọtí ni ó pò ó sí, nítorí málónéètì lágídí, ó fẹ́ agbára. Ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé kí n bu díẹ̀ fún ọ? Jẹnẹrétọ̀ ò ní pẹ́ kú.”

Mo gbà. Nílé wa, tí omi eérú bá le, ọṣẹ tètè máa ń jinná. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni. A jọ sè é pọ̀, ìgò rẹ̀ lápá ọ̀tún, tèmi lápá òsì.

Nígbà tí a fi ásíìdì sí i tán, tí a sì gbé e kaná, ti ọ̀rẹ́ mi hó gan-an. A ti na páìpù rọ́bà kan láti ìgò kọ̀ọ̀kan bọ inú omi láìmù, omi tó mọ́ gaara, tí afẹ́fẹ́ yẹn bá kàn án tí yóò funfun bí omi ògì. Tirẹ̀ funfun. Tèmi ṣú díẹ̀, ó dúró. Mo wò ó títí. Mo rò pé rọ́bà mi ló ń jò, mo fi ọwọ́ dì í, kò sí ìyàtọ̀.

A wá ya òróró tó wà lókè kúrò, a fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ṣí ìdérí ìgò mi, òórùn kan gbá mi nímú tó jẹ́ pé mo fà sẹ́yìn. Òbúkọ ni. Òbúkọ àgbà tó ti ń yan kiri láàárín àwọn abo ewúrẹ́, tó ti tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀. Mo gbọ́ òórùn ti ọ̀rẹ́ mi. Bákan náà ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo sì ní láti lọ sílé. Mo fọ ọwọ́, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo wọ híjáàbù mi, mo bọ́ sínú ọkọ̀. A kò tíì jìnnà sí Ṣakí tí awakọ̀ fi dín eré kù. Ó béèrè pé ta ló gbé ewúrẹ́ sí bùútù láìsọ fún òun. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ń yí ojú sí mi, ó ń yí i kúrò. Mo yí ojú sí fèrèsé títí a fi dé Ogbooro.

Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo ń bọ̀. Kí n tó kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, “Ọmọ mi, níbo lo ti bá òbúkọ pàdé?”

Mo ní, “Ilé ẹ̀kọ́ ni, Ìyá mi.”

“Wọ́n ń sin ẹran níbẹ̀?”

“Rárá o. Inú ìgò ni mo ti ṣe é.”

Ó bọ́ híjáàbù náà lọ́rùn mi, ó gbé e sún mọ́ imú rẹ̀ dáadáa, kò sì fi bí ó ti rí lára rẹ̀ pamọ́. Ó ní, “Kò lábùlà. Òbúkọ gan-an ni.” Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó rì í sínú omi ọṣẹ. Ó wá jókòó tì mí, ó ní kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe òbúkọ láìsí òbúkọ. Mo gbìyànjú. Mo ní àwọn ọ̀rá inú ara òbúkọ ní ásíìdì kan nínú, òun náà ni ásíìdì tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ gbọ́dọ̀ ṣe?”

Mo ní, “Nǹkan mìíràn ni. Wọ́n ní ó máa ń ta sánsán bí èso.”

Ó wo aṣọ tó wà nínú omi, ó tún bu ọṣẹ sí i.

Nígbà tí a padà pàdé ní láàbù lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà kékeré. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé tèmi náà ń rùn bíi tirẹ̀. Ó wá ní, “Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìgò mi lo ti bu ẹ́sítà. Ṣebí o rí bébà ara wọn.”

“Èmi? Mo gbé e lọ sójú fèrèsé kí n tó bù ú.”

“Kò lè rí bákan náà tí kì í bá ṣe pé ohun kan náà ni a bù.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ohun tó sì dùn mí nìyẹn. Mo tún gbé ìgò ẹ́sítà mi lọ sójú fèrèsé, mo ń ka bébà rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ wa wọlé. Ó gbọ́ òórùn ìgò méjèèjì láì fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì dá ẹjọ́. Ǹjẹ́ ó ku nǹkan kan sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ ní kí ẹ tó fi pọ́táṣì sí i?”

Ó kù. Mo ti tọ́jú díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ó mú omi fẹ́ríìkì kóláráìdì wá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbo, ó kán an sí méjèèjì. Ti ọ̀rẹ́ mi kò yí padà. Tèmi pọ́n díẹ̀, ó sì di àlùkò.

Ó ní, “Málónéètì kì í ṣe èyí. Àsítóàsítéètì lo bù.”

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó ní, “Má bínú.” Mo ní kò burú. Ìwádìí wá gbà wá lọ́kàn ju ìjà lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí bútáìlì sì wọlé dáadáa, níbo ni ọ̀nà mi ti yà bá ọ̀nà tirẹ̀?

Mo ní, “Mà, omi láìmù mi kò funfun tó tirẹ̀.”

“Ìyẹn túmọ̀ sí kí ni?”

“Afẹ́fẹ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀ka tó yẹ kó lọ kò lọ.”

“Kí ló wá lọ?”

Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà, kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó, mo kà á. Kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà nínú ásíìdì òbúkọ. Ti àsítóàsítéètì mi, tí mo bá gé e sí ìdí, níbi tí mẹ́táìlì àti kábónílì rẹ̀ ti pàdé èyí tó wà láàárín, apá tó kù á jẹ́ mẹ́fà. Mo fi bírò fa ilà síbẹ̀.

Mo ní, “Ibí ló gé e. Pọ́táṣì kò kọlu ẹ́sítà nìkan. Ó kọlu kábónílì kejì pẹ̀lú.”

Olùkọ́ wa jókòó. Ó ní, “Pọ́táṣì tó le, tó gbóná, kò ní sùúrù. Tí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á bọ́ sí ara kítóònù, á já a kúrò. Apá kékeré á di ásíìdì inú ọtí kíkan, apá ńlá á di òbúkọ yín. Málónéètì kò ní kítóònù lára, ìdí nìyẹn tí ó fi lè gba ìyà náà láìsí ewu. Tìrẹ kò lè gbà á. Ó fẹ́ omi sódà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láìsí iná, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ásíìdì, lẹ́yìn ásíìdì ni iná.”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Èmi ni mo bu pọ́táṣì fún un.”

Ó ní, “O sì ṣe dáadáa. Tí o kò bá bù ú, a kì bá tí mọ ọ̀nà kẹta. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe ásíìdì kan náà láti ara ìyá méjì. Ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín.”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Sódíọ̀mù, ọtí, ẹ́sítà, bútáìlì, iyọ̀ funfun. Lẹ́yìn náà ni mo po sódà tó fẹ́lẹ́ sínú omi, mo rò ó pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú ìgò mi, mo ń fi ọ̀pá dígí rò ó, mo ń sinmi, mo ń rò ó. Kò gbóná. Ọ̀rẹ́ mi bá mi rò ó nígbà tí mo lọ kírun. Nígbà tí òróró orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú omi tán, mo rọra ń kán ásíìdì sí i, mo sì tan iná kékeré sábẹ́ rẹ̀.

Ó hó. Kì í ṣe híhó omi, nítorí kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìhó afẹ́fẹ́ kéékèèké ń gòkè láti gbogbo ara ìgò, wọ́n ń gba rọ́bà lọ. Omi láìmù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹnu páìpù, ìṣú náà sì ń tàn títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Mo sè é títí oru rẹ̀ fi tutù, tó sì kán sínú ìgò mìíràn, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò sí òbúkọ níbẹ̀. Ó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n jù, tí nǹkan kan bíi wàrà tó ti pẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí n fi áyódíìnì àti sódà dán an wò. Mo kán an sí i, mo gbọ̀n ọ́n, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè sì rọ̀ sílẹ̀, tó ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ìyẹn ni pé mẹ́táìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábónílì rẹ̀. A dán ásíìdì ọ̀rẹ́ mi wò lọ́nà kan náà, kò sí ìyeyè kankan.

Olùkọ́ wa di ìgò kítóònù mi mú. Ó ní, “Ẹ mọ̀ pé kòkòrò oyin ní èyí lẹ́nu? Àwọn tí ń ṣọ́nà ilé wọn, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ni wọ́n gbé e sí.” Ó ní àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé ó jọ pé wọ́n fi ń ta ara wọn lólobó. Ó ní òun fúnra òun kò rí i rí.

Mo sọ fún un pé àbúrò bàbá mi ń sin oyin ní oko, lẹ́yìn Ogbooro.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ní òwúrọ̀. Àbúrò bàbá mi wọ aṣọ tí ó fi ń gbé oyin, ó fún wa ní aṣọ àti ìbòjú. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ ṣe fún wọn?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, a kàn fẹ́ mọ bóyá wọ́n mọ òórùn kan ni.”

Igi gígùn kan ni mo fi òwú sí lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ na òwú tí kò ní nǹkan kan lára sí ẹnu ọ̀nà ilé oyin kan. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn kò kà á sí. Mo yọ ọ́, mo fi òwú mìíràn sí i, mo kán ásíìdì ọ̀rẹ́ mi lé e. Àwọn kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, iṣẹ́ wọn kò dúró. Mo wá kán kítóònù mi sí òwú kẹta.

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà dúró. Mélòó kan nínú wọn kọjú síta, wọ́n gbé orí sókè. Àwọn mìíràn jáde láti inú wá bá wọn, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan fò dé ibi òwú náà, ó bà lé e, ó ń yí i ká. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ariwo inú ilé náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yí padà, bí ìgbà tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta.

Ọ̀rẹ́ mi ń mí gúlegúle lábẹ́ ìbòjú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta wá.

Àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ní, “Kí ni ẹ sọ fún wọn?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Bàbá. A pè wọ́n ni. Mi ò mọ ohun tí a pè wọ́n fún.”

“Gbé e kúrò, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Mo gbé e kúrò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tú ká. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún olùkọ́ wa, ó ní ilé oyin kan, òwúrọ̀ kan, kì í ṣe ẹ̀rí, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà eléruku láti oko, àbúrò bàbá mi bi mí pé ǹjẹ́ mo lè ṣe irú èyí tí yóò mú wọn fara balẹ̀ dípò kí wọ́n máa ṣọ́nà. Mo ní mi ò mọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn: bí mo bá fi èyí tó fi kábọ́ọ̀nù kan kúrú ju bútáìlì lọ so mọ́ ẹ́sítà náà, kítóònù náà á ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà; bí mo bá fi èyí tó fi ọ̀kan gùn jù ú lọ, á ní mẹ́jọ. Ọ̀rẹ́ mi ń sọ nǹkan kan, mo sì ní kó tún un sọ, nítorí mi ò gbọ́.